Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ “se lo” ní ilé ìdáná kan ní Màdíríìdì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èdè Sípáníìṣì ṣe rí láìsí ọ̀ṣọ́, kó lọ dúró sí ilé ìdáná ilé oúnjẹ kan ní Sípéènì ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí àwọn oníbàárà bá kún ibẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń sọ gbólóhùn gígùn níbẹ̀. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀: gbé e wá, fún un, má tíì gbé e lọ, sọ fún wọn. Kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ àwo tàbí ẹni tó ni àwo, torí pé ojú gbogbo wọn ló ń wo nǹkan náà. Ohun tí wọ́n ń fẹnu sọ kò ju ọ̀rọ̀-ìṣe kan lọ, àti ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nídìí: “dámelo”, “díselo”, “pónsela”, “llévaselo”. Mo ti kọ́ èdè náà díẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Mo mọ orúkọ oúnjẹ, mo mọ ọjọ́ àti oṣù, mo lè kí ènìyàn kí n sì béèrè ọ̀nà. Àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwo ni mo ń fọ̀. Lọ́jọ́ kan, agbáwo kan kò wá sẹ́nu iṣẹ́, ni wọ́n bá ní kí n máa bá wọn gbé àwo jáde. Alásè gbé flan kan, ìyẹn oúnjẹ ẹyin àti mílíìkì tí wọ́n ń jẹ kẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé e síwájú mi, ó fi àgbọ̀n júwe ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní: “Llévaselo.” Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ láti ọjà. Ní ọjà tí mo ti ń ra ata àti tòmátò, àwọn ọlọ́jà a máa ké sí oníbàárà pé “¡Lléveselo, señora!”, ìyẹn ni pé, ìyá, ẹ máa gbé e lọ, ẹ mú un dání lọ sílé yín. Mo wo flan, mo wo alásè, inú mi dùn. Mo rò pé ó ta mí lọ́rẹ ni. Mo gbé e lọ sẹ́yìn níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ kó lè dúró dè mí.

Ìyá àgbà dúró títí. Nígbà tí ó pariwo, alásè wá sọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ń pín ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ fún mi bíi pé adití ni mí: “Lléva. Se. Lo. A ella!” Bó ṣe pín in tó yẹn, kò yé mi. “A ella” yé mi, fún obìnrin yẹn ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mo ti kọ́ èdè, “fún obìnrin” ni “le”. Níbo ni “se” ti wá?

Kí n tó dáhùn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ náà ṣe pín, torí ibẹ̀ ni àtakò ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹnu Yorùbá mi àti èdè wọn. Nígbà tí a bá ní “gbé e fún un”, arọ́pò-orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. “E” dúró fún nǹkan tí ọwọ́ kàn, “un” dúró fún ẹni tó máa gbà á. Nínú èdè Sípáníìṣì náà, méjèèjì wà. Tó bá jẹ́ èmi, ìwọ, àwa tàbí ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ kan ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì: “me”, “te”, “nos”, “os”. Ẹni tó rí mi ní “me vio”, ẹni tó fún mi ní owó ní “me dio dinero”, kò sí ìyàtọ̀. Àárín òun àti àwọn nìkan ni wọ́n ti la ọ̀nà sí méjì. Nǹkan tí ọwọ́ kàn ń jẹ́ “lo” tàbí “la”, tó bá sì pọ̀, “los” tàbí “las”. Ẹni tó ń gbà á ń jẹ́ “le”, tí wọ́n bá sì pọ̀, “les”.

Tẹ́ ẹ bá dá “le” lò, kò sí ohun tó máa ṣe yín. “Le llevo el flan”, mò ń gbé flan lọ fún un. Tẹ́ ẹ bá dá “lo” lò, àlàáfíà ni. “Lo llevo”, mò ń gbé e lọ. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lo méjèèjì pa pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹni ló ń ṣáájú nǹkan. Ìyẹn lòdì sí tiwa pátápátá, torí àwa a sọ nǹkan ṣáájú ẹni: gbé *e* fún *un*. Ó pẹ́ kí ẹnu mi tó gbà, “lo me” ni ó ń bọ́ sí mi lẹ́nu ṣáá dípò “me lo”. Èkejì ni pé wọn kì í jẹ́ kí “le” tàbí “les” dúró síwájú “lo”, “la”, “los” tàbí “las”. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ pàdé, “le” á bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, á di “se”. Bẹ́ẹ̀ náà ni “les”. Ẹni kan ni o, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni o, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, “se” kan náà ni. “Le lo llevo” kò sí. “Se lo llevo” ló wà.

Olùkọ́ àkọ́kọ́ tí mo bi léèrè ní ìdí rẹ̀ ni pé “le lo” kò dùn ún gbọ́. Mo gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ kò wọ̀ mí lára, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ “lelo”, tó túmọ̀ sí òmùgọ̀, wọ́n sì ní “paralelo”, ẹnu wọn kò sì bó nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Ìdí tó jẹ́ òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Nínú èdè Látìn, “illi” ni fún un, “illum” sì ni òun tí ọwọ́ kàn. Nígbà tí méjèèjì bá tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n yọ́ pọ̀, wọ́n sì di “gelo” lẹ́nu àwọn ará Sípéènì ayé àtijọ́. “G” yẹn dún bíi “j” àwọn ará Faransé. “Gelo” yìí wà nínú àwọn ìwé wọn àtijọ́ dáadáa. Nígbà tó yá, ohùn “ge” yìí sún mọ́ ohùn “se” tí wọ́n ti ń lò fún “ara rẹ̀”, wọ́n sì gbé ọ̀kan wọ inú èkejì. Láti sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún ni “se lo” ti borí. Nítorí náà, “se” inú “se lo” kì í ṣe “se” inú “se lava”, ó wẹ ara rẹ̀. Ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, aṣọ kan náà ni wọ́n kàn ń wọ̀ báyìí.

Ìtàn yẹn ràn mí lọ́wọ́ ju òfin lọ. Ká má parọ́, Yorùbá kò yẹ kó ya ẹnu sí ọ̀rọ̀-arọ́pò tó ń pààrọ̀ ìrísí. Ẹ wo “rí i”, “gbà á”, “jẹ ẹ́”, “fún un”. Ohun kan náà ni gbogbo wọn, fáwẹ̀lì rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ló ń yí tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílé wa kì í ṣi í lò. Ìyàtọ̀ kan tó wà ni pé tiwa ń wo ẹni tó wà níwájú kó tó yí padà, “le” tiwọn ń wo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí flan, torí àyọrísí rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Kí ló dé tí “lléveselo” ọjà fi jẹ́ “ẹ gbé e lọ fún ara yín”, tí “llévaselo” alásè sì jẹ́ “gbé e lọ fún un”? Ìdáhùn wà nínú fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, “e” àti “a”. Ọlọ́jà ń bọ̀wọ̀ fún mi, “usted” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń lo “ẹ” fún àgbà. Ọ̀rọ̀ tó wà fún “ara yín” lábẹ́ “usted” ni “se”. Nítorí náà, “lléveselo” lè jẹ́ ẹ gbé e lọ fún ara yín, ó sì lè jẹ́ ẹ gbé e lọ fún un. Àwọn méjèèjì ló tọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wáyé ló máa fi hàn. Alásè ní tirẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́, “tú” ló ń lò. Lábẹ́ “tú”, “ara rẹ” ni “te”. Tó bá fẹ́ ta mí lọ́rẹ, “llévatelo” ni ì bá sọ. Bó ṣe ti sọ “se” sí mi lábẹ́ “tú”, kò sí bí “se” yẹn ṣe lè jẹ́ èmi. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe látìgbà náà ni pé etí mi ń kọ́kọ́ mú ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ta ni wọ́n ń pàṣẹ fún, ìwọ tàbí ẹ̀yin àgbà? Bó bá jẹ́ ìwọ, tí “se” sì tẹ̀ lé e, ẹni kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, mo ń dúró gbọ́ ohun tó kù.

Ohun tó kù yẹn ni “a ella” tí alásè pariwo mọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gbọ́ “se lo di a la señora”, mo rò pé àsọtúnsọ ni, bíi kéèyàn sọ pé “mo gbé e fún un fún ìyá náà”. Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ro ohun tí “se” ń bò mọ́lẹ̀, òun, àwọn, ọkùnrin, obìnrin, àti ẹ̀yin “usted” pàápàá, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi tú u. “A él”, “a ella”, “a ellos”, “a usted”, “a la señora de la mesa cuatro”. Tí gbogbo ayé bá ti mọ ẹni náà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ “se” kò ṣeé yọ. Ẹ kò lè sọ pé “lo di a ella” kí ẹ sì jẹ́ kí “se” lọ, nítorí pé ẹ ti sọ “a ella”. Èmi sọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n gbọ́ mi o, ṣùgbọ́n ojú wọn máa ń rí bí ojú ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí kò wọlé dáadáa.

Ibòmíràn tó ṣì mí lọ́nà ni “lo” àti “la”. Yorùbá kò ní akọ àti abo nínú arọ́pò-orúkọ. “Ó” kan náà ni fún ọkọ, aya, ewúrẹ́ àti ìkòkò. Nígbà tí mo wá kọ́ pé “la” jẹ́ abo, ọkàn mi gbé e lé orí ẹni tí mo ń fún ní nǹkan. Tí ó bá jẹ́ obìnrin ni mo fẹ́ fún, “se la”. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, “se lo”. Irọ́ gbáà ni. Nǹkan náà ló ń yan “lo” tàbí “la”, ẹni tó ń gbà á kò ní ẹnu nínú rẹ̀. “Se” ti gbé akọ àti abo ẹni náà mì.

Ẹ jẹ́ ká mú bíìlì, ìyẹn “la cuenta”, ká tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ní: “Llévale la cuenta al señor.” Gbé bíìlì lọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn. Ẹ rí i pé “le” ti wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dárúkọ “señor”, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Báyìí, a fẹ́ yọ orúkọ bíìlì kúrò. “La cuenta” jẹ́ abo, ọ̀kan ṣoṣo ni, nítorí náà “la”. Ẹni tó ń gbà á ni “le”. Ẹni ló ń ṣáájú, ó yẹ kó jẹ́ “le la”. L ti fẹ́ pàdé l, “le” di “se”: “se la”. Àṣẹ ni, kì í ṣe àṣẹ “má ṣe”, nítorí náà a lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdí “lleva”: “llévasela”. Ọkùnrin ló ń gbà á, síbẹ̀ “la” ló wà lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ kọfí ni, “el café”, a ó ní “llévaselo”, kódà bó jẹ́ obìnrin ló máa mu ún. Tó bá jẹ́ pé tábìlì náà kún fún ènìyàn mẹ́fà, bíìlì kan náà, “llévasela” náà ni, torí “les” pẹ̀lú ti di “se”. Tó bá jẹ́ pé kọfí mẹ́fà ni fún ẹnì kan, “llévaselos”. “S” ìparí yẹn, ti kọfí ni.

Níbi “s” yìí, mo ní láti kìlọ̀. A ní alábàáṣiṣẹ́ kan tó ti Ẹkuadọ̀ wá, a máa sọ pé “ya se los dije”, mo ti sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló sọ, “lo” ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn púpọ̀ ló sọ ọ́ fún, “se” kò sì lè fi ọ̀pọ̀ hàn, ni “s” àwọn ènìyàn náà bá fò lọ gun orí “lo”. Èyí wọ́pọ̀ gan-an lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà ti Látìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ará Sípéènì kì í sábà sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá sì kọ ọ́ sínú ìdánwò níbí, àṣìṣe ni wọn ó kà á sí.

Ó wá ku ibi tí wọ́n ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ náà sí. Ìwé púpọ̀ sọ pé ìlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn, bíi “dáselo”, gbé e fún un, ló le jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Fún ọmọ Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ tiwa ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń wà nígbà gbogbo, nítorí náà “dámelo” wọ̀ mí lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Èyí tó kọ̀ ni “se lo doy”, mò ń gbé e fún un, níbi tí àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ti sáré gba iwájú. Èyí tó wá kọ̀ jù ni “má ṣe”. Ní ilé wa, “má gbé e fún un” kò yí nǹkan kan padà, “má” kàn wọlé síwájú ni, ohun gbogbo dúró sí àyè rẹ̀. Nínú èdè Sípáníìṣì, tí “no” bá ti wọlé, àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ á tú kúrò nídìí ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n á lọ dúró sáàárín “no” àti òun: “dáselo”, “no se lo des”. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti yí: “da” ti di “des”. “Lleva” di “lleves”, “di” di “digas”, “pon” di “pongas”, “trae” di “traigas”. Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí àwo gbígbóná sì wà lọ́wọ́ ẹni. “No dáselo” ni mo ń sọ. Alásè á ní “no se lo des”, èmi á tún ní “no dáselo”.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé tí mo gbé lọ. Ọkùnrin tó ni ilé oúnjẹ náà ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, gbogbo àwọn yòókù sì ń pè é ní “tú”. Ẹnu mi kò gbà á, “usted” ni mo ń lò fún un, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé lábẹ́ “usted” ọ̀rọ̀-ìṣe kì í yí. “Déselo”, ẹ gbé e fún un. “No se lo dé”, ẹ má gbé e fún un. “Dígaselo”, “no se lo diga”. “Llévesela”, “no se la lleve”. Ìṣípòpadà àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ nìkan ló kù láti kọ́. Mo fi “usted” kọ́ ibi tí “se lo” ń dúró sí títí ó fi mọ́ mi lára, lẹ́yìn náà ni mo wá gbé “des” àti “digas” lé e. Ká ní mo tún máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbà. Ọmọ tí wọ́n tọ́ pẹ̀lú “ẹ” ti wà lágbedeméjì ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ ní Sípéènì, “dádselo” ni, d àti s tí wọ́n fún pọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ọ púpọ̀ lẹ́nu ènìyàn, “dárselo” ni ọ̀pọ̀ ń sọ, wọn kì í sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ní Kúbà àti gbogbo Amẹ́ríkà ti Látìn, “dénselo” ni, ẹ ò sì nílò “dádselo” rárá.

Lẹ́yìn náà, mo fẹ́ ṣe ìdánwò tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ọmọ onílùú, ìyẹn DELE, ìpele A2. Orúkọ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, torí ní ilé wa Délé ni orúkọ ọmọ tó dé sílé, lẹ́nu tiwọn sì rèé, “dele” jẹ́ “ẹ fún un”. Ìgbà tí mo ń múra rẹ̀ ni mo mọ̀ pé etí kò tó, àmì orí fáwẹ̀lì wà níbẹ̀. Àmì tiwọn kì í ṣe ohùn òkè bíi tiwa, ibi tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fi hàn. Bí a bá ń lẹ ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ àṣẹ, ibi títẹ̀ kì í kúrò lójú kan, ìdí ọ̀rọ̀ ló ń gùn sí i. “Da”, “dale”, kò sí àmì, torí ìtẹ̀ wà lórí sílébù kejì láti ẹ̀yìn. Fi ọ̀kan kún un, ìtẹ̀ bọ́ sí sílébù kẹta láti ẹ̀yìn, àmì di dandan: “dáselo”. “Di”, “dile”, “díselo”. “Pon”, “ponle”, “pónselo”. “Lleva” ti ní sílébù méjì tẹ́lẹ̀, nítorí náà “llévale” ti gba àmì kí “se lo” tó dé. “Dé” ti “usted” ń da ènìyàn láàmú: ó ní àmì nígbà tó dá wà, ó pàdánù rẹ̀ nínú “dele”, ó tún rí i gbà nínú “déselo”. Àbá mi ni pé kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù títí ẹ ó fi mọ èyí tó wà ní ìkẹta láti ẹ̀yìn. Tí “se lo” bá ti wà lẹ́yìn àṣẹ, àmì ti wà níbẹ̀, ẹ kò tún ní láti rò ó.

Àwọn ará Màdíríìdì fúnra wọn wá tún ọ̀rọ̀ náà dojú rú fún mi. Ẹ ó gbọ́ “dila que venga” lẹ́nu àwọn ìyá àgbà, sọ fún obìnrin náà kó wá. “Dile” ni ìwé wí, torí obìnrin náà ló ń gba ọ̀rọ̀, kì í ṣe òun lọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fi “la” rọ́pò “le” nítorí pé obìnrin ni. Ẹ ó sì gbọ́ “le vi”, mo rí i, fún ọkùnrin, níbi tí ìwé mi ti ní “lo vi”. Àwọn tó ń bójú tó èdè náà fàyè gba “le vi” fún ọkùnrin kan, wọn kò fàyè gba “dila”. Oṣù gbáko ni mo fi rò pé gbogbo ohun tí mo kọ́ ni kò tọ́. Ohun kan ló mú ọkàn mi balẹ̀: ìyá àgbà kan náà tó ń sọ “dila que venga”, tó bá di pé ó fẹ́ sọ “sọ ọ́ fún un”, “díselo” ni yóò sọ, bó ti wù kó jẹ́ obìnrin ni. Níbi tí “se” bá ti wọlé, kò sí àríyànjiyàn láàárín Màdíríìdì, Kítò àti Hàfánà nípa akọ tàbí abo ẹni tó ń gbà á. Nítorí náà, tí “le” àti “la” bá dà rú mọ́ mi lójú lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń yí gbólóhùn náà kí nǹkan àti ẹni lè jọ wà níbẹ̀, “se lo” á sì gbà mí.

Ẹyọ kan ló ṣì ń mú mi títí di ìsinsìnyí, ìyẹn nígbà tí àwa fúnra wa bá ń dábàá pé “ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún un”. “Digamos” pẹ̀lú “se” pẹ̀lú “lo” yẹ kó ní s méjì, ọ̀kan ni wọ́n ń kọ: “digámoselo”. S méjì ni mo kọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá mi, olùkọ́ fi bírò pupa fa ọ̀kan yọ.